Ìpamọ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ojú Ìwé Ṣófo

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1999, wọ́n sáré gbé Charles Schulz lọ sí ọsíbítù nílùú Santa Rosa, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà. Òun ni ó ń ya Peanuts, àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charlie Brown àti Snoopy ajá rẹ̀, èyí tó ń jáde lójoojúmọ́ nínú ìwé ìròyìn tó lé ní 2,000 káàkiri ayé. Kò gba ẹnikẹ́ni láti máa bá a yà á. Òun ló ń ro ẹ̀fẹ̀, òun ló ń fa ìlà, òun náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Charlie Brown jáde bó ṣe máa ń jáde. Ó jáde lọ́jọ́ kẹta, ó sì jáde láwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ohunkóhun lójú ìwé yẹn tó lè sọ fún ẹni tó ń kà á pé ẹni tó yà á ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, Schulz kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ti ojoojúmọ́ parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2000, pẹ̀lú ìwé ìdágbére kékeré kan. Ti ọjọ́ Àìkú, tó máa ń ní àwọ̀ mèremère, ń bá a lọ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kejì. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an ni Schulz kú. Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ yìí dáadáa, nítorí inú kíkà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ọjọ́ tó dé ọsíbítù títí di ọjọ́ tí ti ojoojúmọ́ parí jẹ́ ọjọ́ 48, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ méje. Láti ọjọ́ kan náà títí di ìparí ti ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ 89, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá.

Kì í ṣe àwámárìídìí. Ẹni tó bá ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà kì í yà á lónìí kó jáde lọ́la. Ó máa ń fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń pín in fáwọn ìwé ìròyìn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí yóò jáde. Ti ọjọ́ Àìkú gbọ́dọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé títẹ àwọ̀ máa ń gba àkókò. Olóòtú ilé iṣẹ́ náà yóò kà á, yóò wo bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i, kí ó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àìsàn dé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ Schulz, ó ti gba ìfọwọ́sí, ó wà lórí ìlà, ó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Ètò yìí kan náà ló gbé e la iṣẹ́ abẹ ọkàn já ní ọdún 1981. Peanuts bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1950, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni àwọn ìwé ìròyìn tún ti àtijọ́ tẹ̀ kí Schulz tó fẹ̀yìn tì. Ìyẹn jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ìparí ọdún 1997, nígbà tó pé ẹni ọdún 75, tó sì gba ìsinmi. Mo máa ń ronú lórí èyí bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ẹni tó ní ẹ̀bùn kò nílò ètò.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn, ètò rédíò, ìwé ìléwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ìkéde ọsẹọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ rí mú níbẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé iye ohun tó wà ní ìpamọ́ kì í ṣe iye ohun tí a ti kọ, iye ohun tí ẹni tó ní àṣẹ ti fọwọ́ sí ni. Èkejì ni pé ìṣirò ló ń sọ bí ìpamọ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kì í ṣe bó ṣe wù wá.

Èkíní ni àwọn èèyàn máa ń gbójú fò jù. Bí o bá bi olóòtú kan pé mélòó ló wà nílẹ̀, yóò ní, “Ó tó mẹ́wàá, ẹ má fòyà.” Bí ẹ bá jókòó ti mẹ́wàá yẹn, ẹ ó rí i pé mẹ́ta kò ní ìparí, dókítà tó yẹ kó ka méjì kò tí ì kà á, ọ̀kan ń dúró de fọ́tò, òmíràn sì ń dúró kí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbà pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta péré ló lè jáde lọ́la. Àgbàdo tó wà lóko yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú àká: ẹni tí ebi ń pa ní àárín òru kì í ka ti oko mọ́ tirẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé kí ìwé àkọsílẹ̀ ìpamọ́ ní apá méjì tí kò gbọ́dọ̀ pàdé: èyí tó ṣì wà lọ́wọ́, àti èyí tó lè jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún gbé pẹ́ẹ̀nì. Apá kejì yìí nìkan ni kí ẹ máa kà nígbà tí ẹ bá ń sọ pé mélòó lẹ ní.

Ní ti ìṣirò, ẹ jẹ́ ká mú abala ìlera kan nínú ìwé ìròyìn tó ń jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ti ìlera, nítorí pé níbẹ̀ ni ìfọwọ́sí ti wúwo jù: bí a bá kọ ìwọ̀n oògùn ọmọdé ní àṣìṣe, ó lè pa ọmọ. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ló ń kọ ọ́. Dókítà ló ń kà á fún òtítọ́. Olóòtú èdè ló ń tún àmì ohùn àti gbólóhùn ṣe. Olóòtú àgbà ló wá ń fọwọ́ sí i níkẹyìn. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá fi ránṣẹ́ títí di ọjọ́ tí olóòtú àgbà yóò fọwọ́ sí i, ká ní ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ̀ dókítà, torí pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kì í fi ìwé ìròyìn ṣáájú.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ní ọdún tó kọjá, ìgbà wo ni a lọ pẹ́ jù láìrí àkọsílẹ̀ tuntun gbà? Ẹ má fi èrò dáhùn. Ẹ kó àwọn ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ wọlé jáde, ẹ wo àlàfo tó gùn jù. Fún abala wa yìí, ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, nígbà tí ọdún Iléyá bọ́ sí àkókò tí nọ́ọ̀sì gba ìsinmi, tí dókítà náà sì rìnrìn àjò. Nígbà tí wọ́n padà dé, iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú pẹ́ẹ̀nì, ohun tó bá kọ yóò sì lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gba ìfọwọ́sí. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àlàfo pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì ìfọwọ́sí fún wa ní márùn-ún. Mo máa ń fi ọ̀kan lé e, nítorí ọ̀kan lè bàjẹ́ lójijì nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Ó di mẹ́fà.

Ẹ bá mi tẹ̀ lé mẹ́fà yẹn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì àti ìkẹta, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan, ìwé ìròyìn sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nọ́ọ̀sì padà, ó kọ méjì, ó fi ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, olóòtú rí i pé ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù kò lè jáde mọ́, ó fà á jáde. Ó ku méjì. Ọ̀kan jáde, ó ku ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èyí tó ṣẹ́kù jáde. Kò sí ohunkóhun mọ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, méjì tí nọ́ọ̀sì kọ gba ìfọwọ́sí, wọ́n wọlé, ọ̀kan sì jáde ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Olùkà kò mọ nǹkan kan. Ká ní mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ìbá kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan yẹn gan-an ló bàjẹ́, abala náà ìbá ṣófo ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìbá sì tún ṣófo ní ìkarùn-ún.

Ẹ kíyè sí i pé mẹ́fà yìí jẹ́ ti abala wa nìkan. Ibi tí dókítà ti ń ka nǹkan láàárín ọjọ́ méjì, mẹ́rin lè tó. Ibi tí ìgbìmọ̀ ti gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan, mẹ́fà kéré. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi gba iye tí ẹlòmíràn ń lò láìbéèrè bí ìfọwọ́sí ṣe ń rìn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku bí a ó ṣe máa kún un padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń wó. Abala tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń jẹ ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ń kọ ọ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń ṣe déédéé, tí kò sì ṣàìsàn rárá, ìpamọ́ tó ti gbẹ kò ní kún títí láé. Ó di dandan kí ó ju ohun tí à ń jẹ lọ fún àkókò kan. Bí ó bá kọ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan yóò ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ìpamọ́ yóò sì ti ọ̀kan dé mẹ́fà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Ìyẹn fi hàn pé kí ìsinmi tó dé ló yẹ kí a ti máa kún un. Ẹni tó fẹ́ kí ìpamọ́ òun kún kí oṣù Kejìlá tó dé, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìdánwò tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ni, tí àkọsílẹ̀ mẹ́ta wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan, olóòtú á fẹ́ tẹ méjì pọ̀ nítorí pé ó ní èyí tó pọ̀. Mo kórìíra èyí. Olùkà tó gba méjì lónìí kì í bùkún fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ yóò bínú lọ́jọ́ tí kò bá rí ọ̀kan. Èyí tó lé ní ti ọ̀sẹ̀ yìí, ti ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ yóò dín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé nígbà tí iye bá pé mẹ́fà, ẹni tó ń kọ̀wé kò gbọ́dọ̀ sinmi títí yóò fi di méjì. Kí ó ṣáà máa kọ ọ̀kan sí ipò ọ̀kan tó jáde.

Bí ìpamọ́ bá ń dín kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, tí kì í ṣe àkókò ìsinmi, ẹ wo apá kìíní ìwé àkọsílẹ̀. Bí ó bá ṣófo, ẹni tó ń kọ ló ń ṣàárẹ̀, ẹ wá a lọ. Ṣùgbọ́n bí apá kìíní bá kún fọ́fọ́, tí apá kejì sì ń gbẹ, ẹ má pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ sí i ni ìdènà wà. Oríṣi kejì yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ti rí, kò sì rọrùn láti tún ṣe, nítorí pé ẹni tó ní àṣẹ ni gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, a kì í sì fẹ́ rán an létí. Ohun tó máa ń ràn wá lọ́wọ́ ni pé ká má máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ dókítà lẹ́nu. Ká kó mẹ́rin fún un lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ mú, kí ó jókòó tì í fún wákàtí kan. Ká sì ti bá a sọ ọ́ ṣáájú pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá rìnrìn àjò, ta ló lè bá wa kà á dípò yín?” Bí kò bá sí ẹnì kejì tó lè fọwọ́ sí i, òun ni yóò máa pinnu bí ìpamọ́ yóò ṣe tóbi tó.

Ibì kan wà tí ìpamọ́ ti lè ṣe wá léṣe. Ohun tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ lè di irọ́ ní oṣù Kẹwàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́, ní àwọn ìpínlẹ̀ kan tí Èkó àti Ògùn wà lára wọn. Ẹ fojú inú wo àkọsílẹ̀ kan tí dókítà ti kà, tó dára, tó sọ fún ìyá pé kó fi owó pamọ́ láti ra abẹ́rẹ́ yẹn ní ọsíbítù aládàáni. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, òótọ́ ni. Bí ó bá jáde ní oṣù Kọkànlá, yóò ná ìyá kan ní owó tí kò yẹ kó ná. Irú èyí ni mo pè ní èyí tó bàjẹ́ lójijì nínú ìṣirò wa.

Àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ mọ ewu yìí dáadáa. Ní ọdún 2008, Garry Trudeau, ẹni tó ń ya Doonesbury, ya ti ọ̀sẹ̀ ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà kí ìbò tó wáyé, ó sì yà á bí ẹni pé Obama ti borí. Ilé iṣẹ́ tó ń pín in kó àwọn àtijọ́ kan sílẹ̀ fún olóòtú tó bá bẹ̀rù láti tẹ èyí tuntun. Obama borí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń parí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó kún inú ìwé ìròyìn jẹ́ èyí tí wọ́n ti yà ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, tí ayé tó wà nínú wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú.

Nítorí náà, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ ohun méjì sí orí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ìpamọ́. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Èkejì ni ohun tó lè bà á jẹ́: iye owó, orúkọ ẹni tó wà ní ipò, òfin, ètò ìjọba, àkókò òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí tí kò ní ohunkóhun tó lè bà á jẹ́, bí àlàyé lórí bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, ni ẹ̀yìn ìpamọ́. Ẹ má fi irú rẹ̀ ṣòfò ní ọ̀sẹ̀ tí ohun púpọ̀ wà nílẹ̀. Èyí tó ní ọjọ́ ni kó ṣáájú. Bí àkọsílẹ̀ kan bá sì ti pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà fún kíkà kan sí i, kódà bí kò bá sí ohun tó yí padà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka èyí tó ń bọ̀ lọ́nà ní ọjọ́ méjì kí ó tó jáde, pẹ̀lú ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí odò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wọ àdúgbò kan, ẹ̀fẹ̀ nípa òjò kò lè jáde, bó ti wù kí ìfọwọ́sí rẹ̀ pé tó.

Èyí náà ló ń fi òkè dí ìpamọ́. Bí mẹ́fà bá tó, ogún kì í ṣe ìbùkún. Àkọsílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ogún yóò jáde lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún, ẹni tó kọ ọ́ yóò sì ti gbàgbé rẹ̀. Mo máa ń dúró ní bí mẹ́wàá fún abala ọsẹọ̀sẹ̀. Bí ó bá kọjá ìyẹn, kí nọ́ọ̀sì fi àkókò rẹ̀ ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ dá abala tuntun sílẹ̀, ọ̀nà rọrùn: má kéde rẹ̀ títí mẹ́fà yóò fi gba ìfọwọ́sí. Ẹni tó ti ń jáde tẹ́lẹ̀ láìní ìpamọ́ ló ní iṣẹ́ gidi níwájú, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ máa jẹ, kó sì máa pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà méjì ni mo rí tó ṣiṣẹ́. Ó lè sọ fún olùkà pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni abala náà yóò máa jáde. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ń kọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, mẹ́rin yóò ṣẹ́kù ní ìparí rẹ̀. Tàbí kí ó mú márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú àwọn àtijọ́ tí olùkà fẹ́ràn jù, kí dókítà tún wọn kà, kí wọ́n sì kọ ọ́ gbangba sókè ojú ìwé pé ti àtijọ́ ni, pẹ̀lú ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ṣe nìyẹn nígbà tí Bill Watterson, ẹni tó ya Calvin and Hobbes, gba ìsinmi oṣù mẹ́sàn-án láti ọdún 1991 wọ ọdún 1992. Wọ́n tún ti àtijọ́ tẹ̀, àwọn olùkà sì dúró dè é.